Ojú Ìyá Lábẹ́ Oòrùn Ọjọ́ Mìíràn

Lẹ́yìn ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn, ìyàwó tuntun àti àbúrò ìyá rẹ̀ gbé fọ́tò méjì wá bá mi. Ọ̀kan jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí ìyàwó: ènìyàn mọ́kànlá tò síwájú ilé, oòrùn ọ̀sán sì ń ràn lé gbogbo wọn lórí. Èkejì jẹ́ pásípọ́ọ̀tù ìyá ìyàwó, tó ti di olóògbé kí ọjọ́ náà tó dé. Àbúrò olóògbé ló wọ léèsì aṣọ ẹbí, tó wé gèlè, tó sì dúró sí àyè ìyá ìyàwó nínú fọ́tò ńlá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé, "Ẹ yọ tèmi kúrò, kí ẹ̀gbọ́n mi lè dúró síbẹ̀."

Irú iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí nípa wọn, kọ ọ́ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan kí ìbejì lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà fún fọ́tò kan, wọ́n á wọ ti obìnrin fún un fún èkejì. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣòro nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ kan náà ló jókòó síwájú kámẹ́rà kan náà. Níbi tí ojú bá ti wá láti abẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan, tó ń lọ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ mìíràn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iṣẹ́.

Mo gé ojú olóògbé náà, mo dín in kù kó bá orí mu, mo bá a ṣe àwọ̀ rẹ̀ títí tó fi jọ àwọ̀ àwọn tó dúró tì í. Mo fi hàn wọ́n. Ìyàwó wò ó pẹ́, ó ní, "Bọ̀dá, ojú màámi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dà bíi pé wọ́n wà níbẹ̀." Kò lè sọ ohun tó fà á. Èmi mọ̀ ọ́n: fíláàṣì ni wọ́n fi ya pásípọ́ọ̀tù náà, láti iwájú gan-an, ojú náà sì gbé ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì yẹn wá síta gbangba, láàárín àwọn ènìyàn tí oòrùn ń pa láti òkè, láti apá òsì.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: báwo la ṣe ń tún ìmọ́lẹ̀ ojú dá, kí ibi tó ń dán àti ibi tó ṣókùnkùn lára rẹ̀ lè bá ìmọ́lẹ̀ ibi tí a gbé e lọ mu? Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ni àwọn ènìyàn ti dá lórí rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù nínú wọn ló gbajúmọ̀ jù, òun náà ló sì ń já ènìyàn kulẹ̀ jù.

Àwọ̀ ni ọgbọ́n tó rọrùn yẹn ń tún ṣe. Ní 2001, Erik Reinhard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tó ń wo ìpíndọ́gba àwọ̀ fọ́tò kan, àti bí àwọ̀ náà ṣe fẹ̀ tó láti dúdú dé funfun, tó sì ń sún àwọ̀ fọ́tò kejì títí tí méjèèjì á fi dọ́gba. Ní 2003, Patrick Pérez àti àwọn méjì mìíràn gbé tiwọn jáde: wọ́n ń mú àwọ̀ etí ibi tí a lẹ ojú mọ́, wọ́n sì ń jẹ́ kó wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀ títí ojú àlẹ̀mọ́ fi bá ọrùn mu láìsí ìlà. Ọ̀nà kejì yìí wà nínú OpenCV lónìí, orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni `seamlessClone`. Mo ń lo méjèèjì, mi ò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ibi tí oòrùn wà nínú wọn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bá mọ́lẹ̀ dọ́gba nínú pásípọ́ọ̀tù, wọ́n á ṣì dọ́gba lẹ́yìn tí a bá tún àwọ̀ ṣe tán. Ẹni tó dúró tì í ní tirẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wà nínú oòrùn, èkejì wà nínú òjìji.

Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ìmọ́lẹ̀ ibi tí ojú ń lọ la gbọ́dọ̀ kà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní ọ̀nà tó dára fún un. Láti 1998 tí Paul Debevec ti fi bí a ṣe ń lo bọ́ọ̀lù dígí hàn, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù tó ń dán bíi dígí síbi tí òṣèré dúró sí, wọ́n á yà á ní ọ̀pọ̀ ìgbà, láti orí èyí tó ṣókùnkùn dé orí èyí tó mọ́lẹ̀ gidi. Gbogbo àyíká ló máa ń hàn lára bọ́ọ̀lù náà: oòrùn, sánmà, ògiri, ilẹ̀. Níbi ìgbéyàwó, ta ló ń gbé bọ́ọ̀lù dígí dání? Ṣùgbọ́n àwa ní ohun mìíràn. Ojú tí a fẹ́ yọ kúrò wà nínú ìmọ́lẹ̀ gan-an tí a ń wá. Ojú àbúrò olóògbé ni bọ́ọ̀lù dígí wa, ìyẹn ni mi ò fi í pa á rẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí.

Mo kọ́kọ́ wo òjìji tó wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan nínú fọ́tò náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 170 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún mi, òjìji rẹ̀ lórí kọnkéré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 98. Ìyẹn túmọ̀ sí pé oòrùn ga tó dígírì 60 sókè. Ìhà ibi tí òjìji náà dojú kọ fi hàn pé oòrùn yà kúrò níwájú wọn sí apá òsì fọ́tò ní nǹkan bíi dígírì 30. Pẹ̀lú nọ́ńbà méjì yìí, mo lè mọ ibi tí òjìji imú máa dé. Imú tó yọ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 2 á ju òjìji rẹ̀ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, á sì yà sí apá ọ̀tún ní díẹ̀ lé ní 1. Ó kọjá ètè òkè nìyẹn. Mo wo ojú àbúrò olóògbé, òjìji imú rẹ̀ wà lórí ètè rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ìṣirò àti ojú bá bára mu báyìí, ọkàn mi á balẹ̀.

Ohun kejì tí mo kà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tí oòrùn dé àti ibi tí kò dé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí. Lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wà nínú oòrùn, kọ̀ǹpútà fún mi ní 150. Lórí èyí tó wà nínú òjìji, ó fún mi ní 78. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà wọ̀nyí lásán á rò pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan kò tó ìlọ́po méjì ìkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú fọ́tò kì í ṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kó lè bá ojú ènìyàn mu. Nínú sRGB tí fọ́tò wa sábà máa ń wà, ìdajì ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe 128, nǹkan bíi 188 ni. Bí a bá tú 150 àti 78 padà sí ìmọ́lẹ̀ gidi, ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èkejì. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò òjìji lórí nọ́ńbà tí wọ́n ti tẹ̀, òjìji rẹ̀ á máa dà bí èéfín tàbí bí ẹrẹ̀, kò sì ní mọ ìdí.

Ìmọ́lẹ̀ inú òjìji náà ní àwọ̀ tirẹ̀. Sánmà ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí iwájú orí àti òkè èjìká nígbà tí oòrùn kò bá dé ibẹ̀, nítorí náà ó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n kì í rí sánmà: ilẹ̀ àti aṣọ ló ń rí. Nínú fọ́tò yìí, léèsì aláwọ̀ èsè àlùkò ni gbogbo wọn wọ̀, oòrùn sì kọlu àyà wọn, abẹ́ àgbọ̀n gbogbo wọn wá ní àwọ̀ aṣọ náà díẹ̀. Ojú pásípọ́ọ̀tù kò ní in rárá.

Ọgbọ́n tó wá tẹ̀ lé èyí ni ìṣirò, ó sì jinlẹ̀ ju ti àwọ̀ lọ. Ní 2001, Ravi Ramamoorthi àti Pat Hanrahan fi hàn pé bí ohun kan kò bá ń dán, tí kò sì sí ohun tó ń ju òjìji sí i lára, nọ́ńbà mẹ́sàn-án péré ti tó láti sọ bí ìmọ́lẹ̀ àyíká ṣe hàn lára rẹ̀, kódà bí ìmọ́lẹ̀ náà bá wá láti igun gbogbo. Àṣìṣe tó kù kéré púpọ̀. Ronen Basri àti David Jacobs náà dé irú ibẹ̀ ní àkókò kan náà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó lápapọ̀. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe pọ̀ sí òsì ju ọ̀tún lọ, sí òkè ju ìsàlẹ̀ lọ, sí iwájú ju ẹ̀yìn lọ. Márùn-ún tó kù ń tún ìyẹn ṣe kó lè péye sí i.

Bí a bá mọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án ti fọ́tò kọ̀ọ̀kan, tí a sì ní àpẹẹrẹ bí ojú ènìyàn ṣe rí ní gbọnrangandan, a lè mọ ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wà ní ojúkò kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ àti lábẹ́ tuntun. Iṣẹ́ tó kù kò ju ìlà kan lọ:

```
ojú_tuntun = ojú_àtijọ́ × (ìmọ́lẹ̀_tuntun / ìmọ́lẹ̀_àtijọ́)
```

Ní 2008, Dmitri Bitouk, Shree Nayar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Columbia lo irú ìṣirò yìí nínú ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ ojú nínú fọ́tò láìsí ọwọ́ ènìyàn. Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ wọn ni ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú ìṣirò. Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú pamọ́, ẹ̀rọ náà á sì kọ́kọ́ wá èyí tí ìdúró rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti súnmọ́ ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe kékeré ni ìṣirò náà ń ṣe, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò lè gbé ẹrù ńlá.

Kí ló dé tí kò fi lè gbé e? Mo lò ó fún olóògbé náà, mo sì rí ìdáhùn lójú rẹ̀ kedere. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mọ́lẹ̀ sí i, ọ̀tún ṣókùnkùn, abẹ́ àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀ sínú òjìji bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n dídán fíláàṣì ṣì wà láàárín iwájú orí rẹ̀ àti ní ṣóńṣó imú. Ìṣirò náà kò gbé e kúrò, ńṣe ló sọ ọ́ di ohun tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àbàwọ́n epo. Kò sì sí òjìji imú rárá, nítorí nọ́ńbà mẹ́sàn-án yẹn kò mọ̀ pé imú lè dí oòrùn lọ́nà. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ohun náà kò ń dán, pé kò sì sí ohun tó ń ju òjìji sí i, ni ojú ènìyàn kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí dídán díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan awọ ara ń pín sí méjì. Apá kan ń ta padà lójú ẹsẹ̀ lára òróró àti òkè awọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu awọ tààrà, apá yìí kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì ń pọ̀ sí i gan-an níbi tí awọ ti yí ẹ̀gbẹ́. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń ní. Apá kejì ń wọ inú awọ, ó ń rìn káàkiri níbẹ̀, ó sì ń jáde pẹ̀lú àwọ̀ ara ẹni náà. Apá kejì yìí ni dúdú tàbí pupa ara ń yí padà. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láàárín adúláwọ̀ àti aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, lára ẹni tó dúdú, níbi tí èyí tó ń jáde láti inú ti kéré, dídán ló máa ń fara hàn jù. Òun ló ń sọ fún ojú wa pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, pé imú gùn, pé iwájú orí tẹ́jú. Ọ̀nà èyíkéyìí tó bá ka awọ sí ohun tí kì í dán, àwa ló máa kọ́kọ́ bà jẹ́.

Ohun tó tún mú un le ni pé dídán kì í dúró síbi kan. Òjìji ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbi tó wà láìka ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Dídán ń tẹ̀ lé kámẹ́rà àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Fún ìdí èyí, a kò lè sún un tàbí kí a sọ ọ́ di púpọ̀. A gbọ́dọ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́ pátápátá kí a tó dá tuntun.

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Mo fi awọ tó wà lẹ́bàá ibi dídán bo dídán fíláàṣì náà, díẹ̀díẹ̀, títí tí ojú olóògbé fi dà bí ẹni tó dúró sábẹ́ ìbòji. Ní ṣóńṣó imú, nọ́ńbà ti kan 255, kò sí ohunkóhun tó kù níbẹ̀ tí a lè gbà padà. Láti ẹ̀gbẹ́ imú ni mo ti mú awọ. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe òjìji tó tẹ̀ lé bí ojú ṣe yí, nínú ìpele `Multiply`, lórí fọ́tò tí mo ti sọ di ìmọ́lẹ̀ gidi. Mo mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rin bí mo ṣe kà á lójú àbúrò rẹ̀.

Òjìji tí ohun mìíràn jù sí i ló kù, gèlè ló sì le jù nínú rẹ̀. Etí gèlè náà yọ síwájú, òjìji rẹ̀ bo iwájú orí, ó sì dé ìpéǹpéjú. Kò sí gèlè nínú pásípọ́ọ̀tù, nítorí náà kò sí ohun tó lè sọ fún ẹ̀rọ kankan tó ń wo ojú nìkan pé òjìji wà níbẹ̀. Mo gba ìlà òjìji yẹn láti ojú àbúrò rẹ̀. Ti imú ni mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀, nítorí imú olóògbé kò gùn tó ti àbúrò rẹ̀. Mo ní láti dín òjìji náà kù kó lè jẹ́ ti ẹni tó ni imú.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ni etí òjìji. Wọ́n á yà á, wọ́n á sì fi `Gaussian Blur` rọ̀ ọ́ títí á fi dà bí ìkùukùu. Oòrùn kéré lójú sánmà, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì dígírì lọ. Bí etí gèlè bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ibi tí òjìji rẹ̀ balẹ̀ sí, ìlà láàárín oòrùn àti òjìji kò ní fẹ̀ ju bíi mìlímítà kan lọ. Nínú fọ́tò tí mo ń sọ yìí, mìlímítà kan lójú olóògbé kò tó píkísẹ́lì méjì. Mo rọ etí òjìji ní píkísẹ́lì méjì sí mẹ́ta, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú awọ ń rìn kọjá ìlà náà díẹ̀, mo sì fi pupa díẹ̀ kan ibẹ̀, torí pupa ló ń rìn jìnnà jù nínú awọ. Bí ìlà náà bá fẹ̀ ní ogún píkísẹ́lì, ojú á sọ pé gílóòbù tàbí fèrèsé ló wà níbẹ̀, kì í ṣe oòrùn.

Olóògbé náà kọ pélé, ìlà mẹ́ta kéékèèké lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fíláàṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n rẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ láti iwájú ń wọ inú ilà tààrà, kò sì ní jẹ́ kí òjìji dúró síbẹ̀. Lábẹ́ oòrùn tó wá láti òsì, wọ́n gbọ́dọ̀ hàn. Ilà tó jinú ní ògiri méjì: ògiri òsì kọ̀yìn sí oòrùn, ó ṣókùnkùn, ògiri ọ̀tún dojú kọ ọ́, ó mọ́lẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo ti fi ìlà dúdú sí ọ̀tún, ìlà mímọ́lẹ̀ sí òsì. Àbúrò rẹ̀ wò ó, ó ní, "Pélé ẹ̀gbọ́n mi kò wú báyìí." Òótọ́ ló sọ. Bí a bá yí dúdú àti mímọ́lẹ̀ padà, ohun tó jinú á di ohun tó wú síta. Mo tún un ṣe níwájú rẹ̀.

Dídán tuntun ló kẹ́yìn. Mo fi í sí orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, sí ẹ̀gbẹ́ òsì igi imú, àti díẹ̀ lórí ètè ìsàlẹ̀. Mi ò fi kankan sí iwájú orí, nítorí gèlè ti bo ibẹ̀, dídán oòrùn kò sì lè wà nínú òjìji oòrùn. Ẹyinjú náà ní dídán tirẹ̀. Ẹyinjú dà bí dígí kékeré. Ohun tó wà níwájú ẹni ló ń hàn níbẹ̀. Ní 2007, Micah Johnson àti Hany Farid fi hàn pé a lè lo ibi tí dídán wà lójú ẹni kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò láti mọ̀ bóyá abẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn wà. Olóògbé ní àmì fíláàṣì funfun láàárín ẹyinjú méjèèjì. Àwọn tó dúró tì í kò ní. Mo pa á rẹ́, mo sì fi ìmọ́lẹ̀ fífẹ̀ tó rọra hàn sí ìsàlẹ̀ ẹyinjú, níbi tí kọnkéré tí oòrùn ń pa ti ń hàn.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ti bá irú èyí pàdé pẹ̀lú owó àti ẹ̀rọ tí àwa kò ní. Ní 2000, Debevec àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Light Stage. Ènìyàn á jókòó sáàárín, iná kan á yí i ká, kámẹ́rà á sì ya ojú rẹ̀ bí iná náà ṣe ń ti igun kọ̀ọ̀kan wá, igun 2,048 lápapọ̀. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kan kì í dí òmíràn lọ́wọ́, ńṣe ni wọ́n ń pa pọ̀, wọ́n lè ro àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn pọ̀ ní ìwọ̀n èyíkéyìí, kí ojú náà sì di ti ẹni tó wà níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù dígí. Dídán, òjìji imú, pupa etí òjìji, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí wọ́n yà á ni, wọn kò ṣírò rẹ̀. Wọ́n lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣèré nínú *Spider-Man 2* ní 2004. Ààlà rẹ̀ ni pé ẹni náà gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó wá jókòó.

Ìdí nìyẹn tí *Furious 7* ti 2015 fi súnmọ́ ọ̀rọ̀ mi jù. Paul Walker kú ní oṣù kọkànlá 2013 kí wọ́n tó ya fíìmù náà tán. Àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì, Caleb àti Cody, wà lára àwọn tó dúró síbi tó yẹ kó dúró sí, Weta Digital sì fi ojú rẹ̀ sí wọn lára. Ọmọ ìyá dúró fún ọmọ ìyá, ara jọra, òjìji oòrùn sì balẹ̀ sí ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ẹni tó lọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ìdílé Ìbàdàn yẹn ti mú lò láìmọ̀: àbúrò tó wé gèlè gan-an ló jẹ́ kí n rí òjìji gèlè.

Láti 2019 ni àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ́ ara wọn láti inú fọ́tò ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Tiancheng Sun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀kan jáde ní ọdún yẹn tó lè gba fọ́tò kan ṣoṣo, kó sì tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dá. Fọ́tò Light Stage ti ènìyàn 18 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e lo ènìyàn púpọ̀ sí i, iṣẹ́ wọn sì dára: wọ́n ń pa dídán rẹ́, wọ́n ń dá a sí ibi tuntun, òjìji imú sì ń jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti gbìyànjú irú rẹ̀. Ohun tí mo rí kò yàtọ̀ sí ohun tí iye tí wọ́n fi kọ́ wọn lè jẹ́ kí a retí. Etí òjìji máa ń rọ̀ jù fún oòrùn ọ̀sán wa. Gèlè kò sí nínú ohun tí wọ́n mọ̀. Ó sì ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ẹni kan pé ẹ̀rọ náà ka pélé sí òjìji, ó sì nù ún kúrò. Ẹni tó bá fún ìdílé ní ojú tí wọ́n ti nu pélé rẹ̀ kò fún wọn ní òbí wọn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ti bọ́ sí i? Ní 2005, Yuri Ostrovsky, Patrick Cavanagh àti Pawan Sinha fi hàn pé ènìyàn kì í tètè rí i bí ìmọ́lẹ̀ ohun kan nínú àwòrán bá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Fún ìdí yìí, ojú oníṣẹ́ kò tó. Mo máa ń sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun kí àwọ̀ má baà tàn mí, mo ń dín in kù títí ojú kọ̀ọ̀kan á fi tó èékánná, mo sì ń béèrè ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "òsì, òsì, òsì, àárín", mo ti mọ ẹni tí kò wá síbi ayẹyẹ. Lẹ́yìn náà ni mo ń pe àwọn tó bí olóògbé tàbí tí olóògbé bí. Àjèjì lè má rí nǹkan kan, ọmọ á rí i.

Ìyàwó náà rí fọ́tò tó parí, kò sọ̀rọ̀. Ó gbé e fún àǹtí rẹ̀, ìyẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ti dé."

Bí mo bá ní láti dájọ́ lórí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, mo máa sọ pé a lè fi òjìji kún ojú, ṣùgbọ́n yíyọ rẹ̀ kúrò le jù. A lè fi dídán kún un, ṣùgbọ́n dídán tó ti jó awọ di funfun kò ní àtúnṣe. Fọ́tò tó tẹ́jú, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà, ẹ gbé àga fún wọn sẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ àárọ̀, níbi tí oòrùn kò dé, kí wọ́n kọjú síta. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ yà wọ́n láti iwájú, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yà sí òsì díẹ̀, kí wọ́n sì yà sí ọ̀tún. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù nìkan, nítorí ó ń fún fọ́tò mọ́ra. Ẹ tọ́jú èyí tó wà nínú kámẹ́rà gan-an.